Kí A Tó Dá Úrdù Padà sí Lẹ́tà Tirẹ̀

Àwọn tó ń sọ èdè Úrdù ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ń sọ pé nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo inú àtẹ̀jíṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Pakístàn, ẹ ó bá a ní `nahin`, ẹ ó bá a ní `nahi`, ní `nhi`, ní `nai`, àní ẹni tí ìkánjú bá mú á kàn tẹ `ni`. Wọn kì í ṣi ara wọn gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìkọ̀wé Úrdù gan-an, èyí tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá àti ti Páṣíà kọ láti ọ̀tún wá sí òsì, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà kọ ọ́: نہیں. Ẹni tó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà dá irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ padà sí ìkọ̀wé yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kó mọ̀ pé márààrún, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ohun tí orí yìí dá lé nìyẹn: bí a ṣe ń sọ àkọtọ́ Úrdù onílẹ́tà Látìn di ọ̀kan kí a tó yí i padà.

Kì í ṣe àìmọ̀wé ló mú àwọn èèyàn wọ̀nyí máa fi lẹ́tà Látìn kọ èdè wọn. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. John Gilchrist, ará Sìkọ́tílàǹdì tó kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní èdè ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fort William tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Íńdíà ní ọdún 1800, ti ní ètò tirẹ̀ fún fífi lẹ́tà Látìn kọ èdè yìí. Nígbà tí Ayub Khan ń ṣe olórí Pakístàn, láàárín ọdún 1958 sí 1969, òun fúnra rẹ̀ gbé e jáde pé kí orílẹ̀-èdè náà gba lẹ́tà Látìn, àmọ́ àbá náà kò lọ síbì kan. Fóònù alágbèéká ló wá sọ ọ́ di ti gbogbo ènìyàn. Ọ̀pọ̀ fóònù ayé ìgbà náà kò lè gbé lẹ́tà Úrdù jáde rárá, èyí tó sì lè gbé e jáde ń jẹ owó: àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba lẹ́tà 160 bí a bá fi Látìn kọ ọ́, ṣùgbọ́n 70 péré ló ń gbà bí a bá fi lẹ́tà Úrdù kọ ọ́. Fóònù òde òní ti lè gbé lẹ́tà Úrdù jáde, àmọ́ ọwọ́ ti mọ́ Látìn.

Yorùbá ní ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó ní ọdún 1875, níbi tí ìjọ CMS ti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa. Úrdù onílẹ́tà Látìn kò ní àkọtọ́ kan tí gbogbo ènìyàn ń tẹ̀ lé. Ohun tí etí bá gbọ́ ni ìka ń tẹ̀.

Ẹnì kan lè béèrè pé, ṣé a kò kúkú lè máa pààrọ̀ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan ni, kí `b` di ب, kí `s` di س, kí ó parí síbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a dán an wò lórí `khubsurat`, tó túmọ̀ sí “arẹwà”. Bí a bá pààrọ̀ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, خوبسورت ni a ó rí, àṣìkọ sì ni. خوبصورت ló tọ́. Ìró `s` kan ṣoṣo tí ẹnu ń pè ní lẹ́tà mẹ́ta nínú ìkọ̀wé Úrdù: س, ص àti ث. Ìró `z` ní mẹ́rin: ز, ذ, ض àti ظ. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn lẹ́tà àfikún yìí bá ọ̀rọ̀ àyálò Lárúbáwá wọlé. Ẹnu àwọn elédè Úrdù ti pa ìyàtọ̀ ìró wọn rẹ́, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé kò fi wọ́n sílẹ̀. Nítorí náà, kò sí òfin lẹ́tà tó lè sọ fún kọ̀ǹpútà pé ص ló yẹ níbí. Àfi kó mọ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Ó nílò àkójọ ọ̀rọ̀, èyí tí `khubsurat` ti wà lápá kan, tí خوبصورت sì wà lápá kejì. Ẹni kan ò sì lè kọ gbogbo ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀ tán: `khoobsoorat`, `khubsoorat`, `khobsurat`, `khbsrt`, àti àwọn tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀ rí. Ọ̀kan la máa fi sínú rẹ̀, a ó wá ṣe ọ̀nà tí àwọn yòókù á fi dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan yẹn. Ọ̀nà yẹn ni sísọ àkọtọ́ di ọ̀kan.

Ibi tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń ṣìnà ni pé wọ́n ń fi etí ṣe adájọ́. Wọ́n á ní bí ọ̀rọ̀ méjì bá jọra létí, kí a so wọ́n pọ̀; bí wọn kò bá jọra, kí a yà wọ́n. Ìkọ̀wé tí à ń lọ bá ló yẹ kó dájọ́, kì í ṣe etí. Ẹ wo `kya`, tó túmọ̀ sí “kí ni”, àti `kiya`, tó túmọ̀ sí “ó ṣe é”. Ìpè wọn yàtọ̀, ìtumọ̀ wọn yàtọ̀, àwọn òǹkọ̀wé sì ń fi `kia` rọ́pò méjèèjì. Síbẹ̀, کیا ni wọ́n ń kọ àwọn méjèèjì ní lẹ́tà Úrdù. Bákan náà ni `main`, “èmi”, àti `mein`, “nínú”: میں ni méjèèjì. `is`, “èyí”, àti `us`, “ìyẹn”, kò jọra létí rárá, ṣùgbọ́n اس ni wọ́n ń kọ wọ́n, torí pé Úrdù kì í sábà kọ fáwẹ̀lì kúkúrú sílẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe wàhálà láti ya irú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sọ́tọ̀ ń ṣiṣẹ́ tí kò ní èrè. Kó so wọ́n pọ̀, kó máa lọ.

Òdìkejì rẹ̀ ló léwu. `kaam` ni “iṣẹ́”, کام. `kam` ni “kò tó nǹkan”, کم. `deen` ni “ẹ̀sìn”, دین. `din` ni “ọjọ́”, دن. Àwọn tó ń fi Látìn kọ̀wé sábà máa ń gé fáwẹ̀lì gígùn kúrú, wọ́n á tẹ `kam` fún iṣẹ́ àti fún ohun tí kò tó. Àwa náà mọ irú rẹ̀: ẹni tó bá tẹ `oko` láìfi àmì sí i lè ní ọkọ lọ́kàn, tàbí oko, tàbí ọkọ̀. Bí ètò wa bá sọ `kaam` àti `kam` di ọ̀kan, ó ti pa ìyàtọ̀ tí ìkọ̀wé Úrdù yóò béèrè lọ́wọ́ wa rẹ́, a kò sì ní rí ibi tí a ó ti mú un jáde mọ́.

Bí a ti mọ èyí, ẹ jẹ́ kí a wọnú iṣẹ́ náà. Ohun àkọ́kọ́ ni ìtọ́jú ojú ọ̀rọ̀. A ó sọ lẹ́tà ńlá di kékeré, a ó yọ àwòrán ojú ẹ̀rín àti àmì tí kò wúlò kúrò. Ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn á tẹ `bohoooot` dípò `bohot`, “púpọ̀”. Ẹ má ṣe sọ lẹ́tà tó tò tẹ̀ lé ara wọn bẹ́ẹ̀ di ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé lẹ́tà méjì ní iṣẹ́ gidi tí wọ́n ń ṣe nínú `kaam` àti `deen`. Bí wọ́n bá ti ju méjì lọ, ẹ dín wọn kù sí méjì, kí ẹ wá yẹ ẹ̀dà oníméjì àti ẹ̀dà ẹlẹ́yọ kan wò nínú àkójọ.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọ̀rọ̀ kúkúrú. Àwọn ni wọ́n pọ̀ jù nínú gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́, àwọn sì ni òfin kò lè ràn lọ́wọ́. `hai`, `hy`, `hay` àti `h` lásán jẹ́ ہے, “ó wà” tàbí “ó jẹ́”. `hain` jẹ́ ہیں, tí wọ́n ń lò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tàbí láti fi bọ̀wọ̀. `haan` ni “bẹ́ẹ̀ ni”, `hoon` ni “mo jẹ́”, `ho` wà níbẹ̀, `hi` náà wà níbẹ̀. Ẹ yọ fáwẹ̀lì àti àránmúpè kúrò nínú wọn, kí ló kù? `h` nìkan. Fún irú àwọn wọ̀nyí, ọwọ́ ènìyàn ni ká fi kọ àkójọ wọn, ọ̀rọ̀ mélòó kan ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, kí ẹni tó gbọ́ Úrdù látinú ilé sì jókòó tì í. Mo gbà pé kò sí ibòmíràn nínú iṣẹ́ yìí tí wákàtí díẹ̀ ti ń sèso tó báyìí.

Ọ̀rọ̀ gígùn ni a lè fi sílẹ̀ fún òfin. Ìlànà tí wọ́n ń lò ti wà látìgbà Robert Russell, ará Amẹ́ríkà tó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí Soundex ní ọdún 1918 fún kíkó orúkọ tó dún bákan náà sójú kan. Soundex máa ń sọ orúkọ kọ̀ọ̀kan di kókó onílẹ́tà kan àti nọ́ńbà mẹ́ta. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe é fún, kò sì mọ nǹkan kan nípa `kh` ti Úrdù. Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí kan gbé irú rẹ̀ jáde fún Úrdù onílẹ́tà Látìn, wọ́n pè é ní UrduPhone. Wọ́n mú kókó náà gùn di mẹ́fà, wọ́n sì tún ẹgbẹ́ kọ́ńsónáǹtì tò kó bá Úrdù mu. Èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí rọrùn ju tiwọn lọ, ṣùgbọ́n ó tó láti fi hàn bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

```python
import re

def koko(w):
    w = w.lower()
    w = w.replace("ph", "f").replace("q", "k").replace("v", "w")
    w = re.sub(r"(.)\1+", r"\1", w)
    return w[0] + re.sub(r"[aeiouy]", "", w[1:])
```

Ó ń so `ph` pọ̀ mọ́ `f` nítorí pé àwọn kan ń kọ `phir`, “lẹ́yìn náà”, ní `fir`. Ó ń so `q` mọ́ `k` àti `v` mọ́ `w`, ó ń dín lẹ́tà tó tò tẹ̀ lé ara wọn kù sí ọ̀kan, ó wá yọ gbogbo fáwẹ̀lì tó bá tẹ̀ lé lẹ́tà àkọ́kọ́. Bí a bá fún un ní `khubsurat`, `khoobsoorat`, `khobsurat` àti `khbsrt`, `khbsrt` ni yóò dá padà fún gbogbo wọn. `mohabbat`, `muhabat` àti `mhbt`, tí gbogbo wọn jẹ́ “ìfẹ́”, á di `mhbt`.

Ṣùgbọ́n ẹ fún un ní `larka`, “ọmọkùnrin”, kí ẹ tún fún un ní `larki`, “ọmọbìnrin”. Á sọ méjèèjì di `lrk`. Fáwẹ̀lì ìparí ọ̀rọ̀ ni Úrdù fi ń sọ akọ àti abo, ẹyọ àti ọ̀pọ̀, ohun tí kókó yìí sì gé sọnù gan-an nìyẹn. `kaam` àti `kam` náà á bọ́ sí `km`. Nítorí náà ẹ má gba kókó gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́. Ó kàn ń sọ fún wa pé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí *lè* jẹ́ ọ̀kan náà, kí a yẹ̀ wọ́n wò síwájú sí i.

Ìyẹ̀wò yẹn la máa ń fi òṣùwọ̀n Levenshtein ṣe. Vladimir Levenshtein, ará Rọ́ṣíà, ló gbé e jáde ní ọdún 1965: ó ń ka iye lẹ́tà tí a ó fi kún, tí a ó yọ, tàbí tí a ó pààrọ̀ kí ọ̀rọ̀ kan tó di òmíràn. `ziada` àti `zyada`, “púpọ̀ sí i”, jìnnà síra ní lẹ́tà kan péré. `zid`, “agídí”, ní kókó kan náà pẹ̀lú wọn, ìyẹn `zd`, ṣùgbọ́n ó fi lẹ́tà mẹ́ta jìnnà sí `zyada`. Fún Úrdù, a kì í jẹ́ kí gbogbo lẹ́tà wọn iye kan náà. Fáwẹ̀lì àárín ọ̀rọ̀ ni kí ó fúyẹ́ jù, torí òun ni àwọn èèyàn ń kọ bó ṣe wù wọ́n. Kọ́ńsónáǹtì ni kí ó wúwo. Fáwẹ̀lì ìparí náà ni kí ó wúwo bíi kọ́ńsónáǹtì, kí `larka` àti `larki` má baà bọ́ sínú àpò kan.

Ó ṣì ku ọ̀fìn kan. Àwọn kan ń tẹ `larky` fún `larki`, àwọn mìíràn sì ń tẹ̀ ẹ́ fún `larke`, “àwọn ọmọkùnrin”. Bí ètò wa bá ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ nítorí pé wọ́n sún mọ́ra, `larky` á fa ọwọ́ `larki`, á fa ọwọ́ `larke`, obìnrin kan àti ọkùnrin púpọ̀ á sì bára wọn nínú ẹgbẹ́ kan. Ẹ lè mọ̀ ọ́n nípa títo àwọn ẹgbẹ́ náà láti orí èyí tó ní ẹ̀dà púpọ̀ jù, kí ẹ fojú kà wọ́n. Ẹgbẹ́ tó bá ti tóbi ju ẹgbẹ́ lọ sábà máa ń ní irú ọ̀rọ̀ alárinà bẹ́ẹ̀ nínú.

Ẹ jẹ́ kí a mú àtẹ̀jíṣẹ́ kan tí irú rẹ̀ kì í wọ́n lórí fóònù ní Pakístàn, kí a tẹ̀ lé e dópin:

```
yar aj bht kam hai me ni a skta
```

Àkójọ ọ̀rọ̀ kúkúrú mú `hai` di ہے, `me` di میں, `ni` di نہیں, `a` di آ, “wá”. Kókó mú `aj` dé ọ̀dọ̀ `aaj`, آج, “òní”, ó mú `bht` dé ọ̀dọ̀ `bohat`, بہت, “púpọ̀”, ó mú `skta` dé ọ̀dọ̀ `sakta`, سکتا, “lè”. `yar`, یار, “ọ̀rẹ́”, kò ní ìṣòro. `kam` ló kù.

Bí a bá wo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì nìkan, a ó kọsẹ̀. بہت کم ہے jẹ́ Úrdù tó dára: “ó kéré púpọ̀”. بہت کام ہے náà dára: “iṣẹ́ pọ̀”. Ètò tó ń wo aládùúgbò kan lọ́tùn-ún àti ọ̀kan lósì lè mú کم láìṣiyèméjì. Ìparí gbólóhùn ló tú àṣírí rẹ̀: “mi ò lè wá”. Iṣẹ́ ló ń dá ènìyàn dúró tí kò fi ní lè wá. Nítorí náà:

یار آج بہت کام ہے میں نہیں آ سکتا

“Ọ̀rẹ́, iṣẹ́ pọ̀ lónìí, mi ò lè wá.” Ohun tí ẹ óò kíyè sí ni ibi tí wọ́n ti ṣe ìpinnu náà. Bí ipele tó ń sọ àkọtọ́ di ọ̀kan bá ti yan `kam` nítorí pé `kam` ló pọ̀ jù nínú àtẹ̀jíṣẹ́, ipele tó ń yí lẹ́tà padà kò ní mọ̀ láé pé `kaam` wà. Ó yẹ kí ipele àkọ́kọ́ fi méjèèjì ránṣẹ́ síwájú, kí ẹni tó rí gbólóhùn náà tán ṣe ìdájọ́. Mo mọ̀ pé èyí ń mú ètò náà falẹ̀ díẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Gírámà náà máa ń ṣèrànwọ́ níbi tí ìtumọ̀ kò ti lè ṣe é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gé `n` ìparí kúrò, wọ́n á kọ `wo log ja rahe hai`, “àwọn ènìyàn yẹn ń lọ”. `hai` ni wọ́n tẹ̀, ṣùgbọ́n `log`, “àwọn ènìyàn”, jẹ́ ọ̀pọ̀, `rahe` sì bá a mu. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ہیں.

Gẹ̀ẹ́sì tún wà láàárín. `the` lè jẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo wa mọ̀, ó sì lè jẹ́ تھے, “wọ́n wà”, bíi nínú `log kahan the`, “níbo ni àwọn ènìyàn wà”. `or` lè jẹ́ “tàbí” ti Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lè jẹ́ اور, “àti”. Ọ̀rọ̀ tó yí wọn ká ló ń pinnu, kì í ṣe àwọn fúnra wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi àkójọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ kó tó wo Úrdù rẹ̀ á sọ تھے nù púpọ̀.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá ètò yín ń ṣiṣẹ́? Ẹ kó àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ kò lò nígbà tí ẹ ń kọ́ ọ. Ẹ fún ẹni tó ń ka Úrdù ní àbájáde nìkan, kó kà á láìrí ti Látìn. Kó sàmì sí ibi tó rú u lójú. Lẹ́yìn náà ni kó wá fi wé ti Látìn. Àṣìṣe tó rí nígbà àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ ti ọ̀rọ̀ tí ètò kò dá mọ̀, ó sì rọrùn láti tún ṣe: a ó fi ẹ̀dà kan kún àkójọ. Àṣìṣe tó rí nígbà kejì nìkan ni kí ẹ bẹ̀rù, torí ọ̀rọ̀ Úrdù gidi ni, ó dára lójú, irọ́ sì ni. Ẹ ka irú méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá pa wọ́n pọ̀ sí nọ́ńbà kan, ẹ lè máa so ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i pọ̀, kí nọ́ńbà náà máa dára sí i, kí ìtumọ̀ sì máa bàjẹ́.

Nígbà mìíràn ẹ̀bi kò sí lọ́dọ̀ Látìn rárá. Lẹ́tà Úrdù ی (U+06CC) àti ti Lárúbáwá ي (U+064A) lè jọra lójú láàárín ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n méjì ni wọ́n lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀ ni ک (U+06A9) àti ك (U+0643), bẹ́ẹ̀ náà ni ہ (U+06C1) àti ه (U+0647). Bí wọ́n bá dàrú mọ́ra nínú àkójọ yín, ètò á máa sọ pé òun kò rí ọ̀rọ̀ tó wà níwájú rẹ̀. Ẹ fọ apá Úrdù mọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá Látìn lẹ́bi.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà tí àkọtọ́ Látìn kò ní lè yanjú láé, bó ti wù kó gún régé tó. `aam` ni máńgòrò, آم. `aam` náà ni “ohun tó wọ́pọ̀”, عام. Ìpè wọn jẹ́ ọ̀kan, ẹni tó kọ Látìn náà kò sì ṣe àṣìṣe kankan. Àwọn yìí gbọ́dọ̀ gba inú ètò wa kọjá pẹ̀lú àmì pé ọ̀nà méjì ni wọ́n ní. Bí gbogbo gbólóhùn náà kò bá fi hàn bóyá máńgòrò ni tàbí ohun tó wọ́pọ̀, kí ètò náà fi `aam` sílẹ̀ ní Látìn bí òǹkọ̀wé ṣe tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a kò yí padà, olùkà á rí i, á sì tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ tí a yí sí irọ́, kò ní mọ̀. Lójú tèmi, ètò tó bá ń kọ̀ láti dáhùn nígbà tí kò mọ̀ sàn ju èyí tó ń dáhùn nígbà gbogbo lọ.